Egungun Mẹ́jọ Lábẹ́ Ìbòjú: Bí Akẹ́kọ̀ọ́ Ìṣègùn Kan Ṣe Ń Kọ́ Ọrùn-ọwọ́ ní Ṣàngó-Ọ̀tà

Láti abẹ́ bíríìjì Ṣàngó títí dé Ojú Ọrẹ, tírélà ló kún ojú ọ̀nà Ìdí-Ìrókò ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ṣiṣẹ́ àárọ̀ ní àwọn ilé-iṣẹ́ Ọ̀tà ń tú jáde, àwọn tó máa ṣe ti ọ̀sán ń wọlé, àwọn ọlọ́kadà sì ń pe èrò láàárín wọn. Nínú ilé kan lẹ́yìn gbogbo ariwo yìí ni mo ti bá akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ, tí kọ́lẹ́ẹ̀jì ìṣègùn rẹ̀ wà ní Ṣàgámù. Ìsinmi ló gbé e wálé. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ wà lórí tábìlì oúnjẹ, ó sì ti gba iná sí i kún, torí kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tí wọ́n máa mú iná lọ.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni mo wá wò. Olùkọ́ rẹ̀ ti fún wọn ní síláìdì kan tó ní àwòrán egungun mẹ́jọ tó para pọ̀ di ọrùn-ọwọ́. Orúkọ egungun kọ̀ọ̀kan wà létí àwòrán, ilà tín-ín-rín sì so orúkọ mọ́ egungun rẹ̀. Ọmọ yìí fẹ́ sọ síláìdì náà di káàdì ìrántí mẹ́jọ. Àwòrán á hàn lórí káàdì kọ̀ọ̀kan, orúkọ á sá pamọ́, káàdì á sì béèrè egungun kan péré.

Ìdánwò ló kọ́ ọ pé kó máa béèrè lọ́kọ̀ọ̀kan bẹ́ẹ̀. Ní àwọn ilé-ìwé ìṣègùn wa, ìdánwò anátọ́mì kan wà tí wọ́n ń pè ní sítípùṣéèsì. Wọ́n á to tábìlì yí yàrá ká. Lórí ọ̀kan, apá òkú tí wọ́n ti là ni. Lórí òmíràn, egungun gbígbẹ. Lórí ẹ̀kẹta, fíìmù ẹ́síréè. Píìnì tàbí àmì kan á wà lára ibì kan, ìbéèrè á sì wà nínú ìwé pélébé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Aago á dún, akẹ́kọ̀ọ́ á kọ ìdáhùn. Aago á tún dún, á sún sí tábìlì tó kàn. Kò sí ìdáhùn mẹ́rin tí yóò ti ṣa ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni kò sí orúkọ kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ píìnì tó lè ta á lólobó.

"Ẹ̀gbọ́n, tí mo bá ń wo síláìdì tó ní orúkọ lára, gbogbo rẹ̀ ni mo mọ̀," ó sọ fún mi. "Ẹ yọ orúkọ yẹn kúrò, kí ẹ wá bi mí."

Àwọn méjì kan ti fi ìwádìí gbe ọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí lẹ́sẹ̀. Ní 2006, Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke ti Yunifásítì Washington ní ìlú St. Louis, ní Amẹ́ríkà, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìwé kúkúrú kà. Apá kan tún un kà. Apá kejì pa á dé, wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rántí. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, àwọn tó tún un kà ló ṣíwájú: wọ́n rántí ìdá 81 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn tó kù sì rántí 75. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀rọ̀ yí padà. Àwọn tó tún un kà bọ́ sí 42, àwọn tó ti dán ara wọn wò sì dúró sí 56. Ìwé kíkà ni wọ́n lò níbẹ̀, kì í ṣe àwòrán egungun. Síbẹ̀, ẹ̀tàn kan náà ni síláìdì tó lórúkọ ń tan akẹ́kọ̀ọ́: ojú rẹ̀ ti bá orúkọ pàdé, ó wá rò pé òun lè fà á yọ nígbà tí kò bá sí níwájú òun.

Anki ni sọ́fítíwíà tó ń lò. Damien Elmes ló gbé e jáde ní 2006, ọ̀fẹ́ sì ni lórí kọ̀ǹpútà àti lórí fóònù Android. Tẹ́lẹ̀, àfikún lọ́tọ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ gbé wọ inú rẹ̀ kó tó lè fi nǹkan bo àwòrán. Láti ẹ̀dà 23.10, tó jáde ní 2023, iṣẹ́ náà ti wà nínú Anki fúnra rẹ̀.

Kò tíì ṣí Anki tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í gé àwòrán. Ó gbé síláìdì sókè kó fẹ̀ dáadáa, ó tẹ bọ́tìnì Windows, Shift àti S pa pọ̀, ó sì fa ilà yí àwòrán egungun ká. Àkọlé síláìdì kò wọ inú rẹ̀. Gbólóhùn méjì tó wà nísàlẹ̀, tó ka orúkọ àwọn egungun náà tẹ̀ léra, kò wọ inú rẹ̀ pẹ̀lú. Mo béèrè ìdí tí kò fi gbé gbogbo síláìdì náà bó ṣe wà.

"Ìdáhùn wà nísàlẹ̀ yẹn," ó wí. "Tí mo bá fi í sílẹ̀, ojú mi á máa sá lọ síbẹ̀ kí n tó ronú."

Ó tún gé e kó má ṣòro láti rí lórí fóònù. Lórí kọ̀ǹpútà, síláìdì kan lè gba orúkọ ogún kí gbogbo rẹ̀ sì hàn kedere. Lórí fóònù, ilà méjì tó sún mọ́ra á di ọ̀kan lójú, akẹ́kọ̀ọ́ á sì wá ṣi egungun mú, kì í ṣe pé kò mọ orúkọ. Tí síláìdì bá ní apá òkè àti apá ìsàlẹ̀, ọmọ yìí máa ń gé e sí méjì. Egungun mẹ́jọ tí ilà wọn kò kọjá lórí ara wọn gba ojú fóònù rẹ̀ dáadáa.

Ó wá ṣí Anki, ó tẹ `Add`, ó sì yan irú káàdì tí wọ́n ń pè ní `Image Occlusion`. Ó lẹ àwòrán tó gé mọ́ ọn, àwòrán náà sì yọ pẹ̀lú irinṣẹ́ yíyà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó mú àpótí onígun mẹ́rin, ó sì gbé e bo orúkọ àkọ́kọ́.

Mo ṣàkíyèsí pé kò bẹ̀rẹ̀ láti òkè. `Triquetrum` ló kọ́kọ́ bò, torí òun ló gùn jù lọ nínú orúkọ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Nígbà tí àpótí náà ti bò ó tán, ó ṣe ẹ̀dà rẹ̀ ní ìgbà méje, ó sì gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan lé orúkọ tó kù. Gbogbo àpótí mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ wá rí bákan náà, kódà lórí `Lunate`, tó jẹ́ lẹ́tà mẹ́fà péré. Ká ní ó fa àpótí kọ̀ọ̀kan mọ bí orúkọ ṣe gùn tó ni, àpótí kékeré jù lọ á ti sọ fún un pé lúnéètì tàbí háméètì ni kó tó wo egungun rárá. Kò ní mọ̀ pé òun ń lò ó bẹ́ẹ̀. Yóò kàn máa gba máàkì ni.

Ohun kejì tó ń ṣọ́ ni ibi tí ilà parí sí. Orúkọ nìkan ni àpótí gbọ́dọ̀ bò. Ilà àti egungun gbọ́dọ̀ hàn, torí ilà ló ń ṣe iṣẹ́ píìnì inú sítípùṣéèsì. Àwòrán tó kọ orúkọ sí ara ẹ̀yà gan-an kò dára fún iṣẹ́ yìí. Ọ̀pọ̀ àwòrán inú ìwé Gray, tó kọ́kọ́ jáde ní 1858, ni Henry Vandyke Carter yà bẹ́ẹ̀: ọ̀rọ̀ wà lórí egungun tàbí lórí iṣan fúnra rẹ̀. Ìyẹn rọrùn fún ẹni tó ń kàwé. Ẹni tó bá fi àpótí bo ọ̀rọ̀ náà ti bo apá kan egungun mọ́ ọn. Àwọn àwòrán àtijọ́ yìí ti di ti gbogbo ayé, akẹ́kọ̀ọ́ sì lè lò wọ́n láìtọrọ ààyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, àmọ́ kó tún ṣọ́ orúkọ. Nínú ẹ̀dà 1918, egungun tí síláìdì òde òní ń pè ní `Scaphoid` ni wọ́n pè ní `Navicular`, `Trapezium` sì jẹ́ `Greater multangular`. Ẹni tó bá kọ́ orúkọ àtijọ́ wọ ìdánwò lè mọ egungun náà kó tún pàdánù máàkì.

Àpótí ti wà níbi tó yẹ, ó wá kan ìpinnu tó ṣe pàtàkì jù lọ nínú iṣẹ́ náà. Anki fún un ní ọ̀nà méjì. Èkíní ni `Hide One, Guess One`: orúkọ tí wọ́n ń béèrè nìkan ló máa fara pamọ́, àwọn méje yòókù á ṣí sílẹ̀. Èkejì ni `Hide All, Guess One`: gbogbo orúkọ á fara pamọ́, wọ́n á sì béèrè ọ̀kan.

Ó fi ti àkọ́kọ́ hàn mí. Àpótí kan bo orúkọ egungun tó wà nísàlẹ̀ àtàǹpàkò, orúkọ méje tó kù sì wà níta. Ó ní kí n dáhùn. Mi ò kọ́ iṣẹ́ dókítà, àmọ́ ó ti ka mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sí mi létí: ẹsẹ̀ tó sún mọ́ apá, láti ọ̀dọ̀ àtàǹpàkò wá, ni sìkáfọ́ìdì, lúnéètì, tiraikúítírọ̀mù àti písífọ́ọ̀mù, ẹsẹ̀ tó sún mọ́ ìka ni tirapísíọ̀mù, tirápísọ́ìdì, kápítéètì àti háméètì. Mo wo èyí tí kò sí nínú àwọn tó ṣí sílẹ̀, mo ní tirapísíọ̀mù ni. Mo gbà á.

"Ẹ ṣé o," ó wí, "ṣùgbọ́n ẹ ò wo egungun kankan."

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ìṣirò ni mo ṣe. Mo yọ méje kúrò nínú mẹ́jọ, orúkọ tó kù ni mo pè. Ó tẹ ọ̀nà kejì, àpótí mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sì bo gbogbo orúkọ. Èyí tó ń béèrè di pupa rẹ́súrẹ́sú, àwọn yòókù jẹ́ ìyeyè. Mo tẹjú mọ́ ọn. Ìgbà yìí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo ilà náà dé òpin, tí mo wo egungun tó dì mọ́, tí mo wo èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìbéèrè kan náà ni, àmọ́ kò sí ibòmíràn tí mo lè gbà dé ìdáhùn àyàfi orí egungun fúnra rẹ̀.

Kì í ṣe pé ọ̀nà àkọ́kọ́ kò wúlò rárá. Ó ń lò ó fún àwòrán tí orúkọ ìyókù jẹ́ ara ìbéèrè, bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń gba inú yàrá ọkàn kan lọ sí èkejì, níbi tó ti yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ ohun tó ṣáájú àti ohun tó tẹ̀ lé e. Àmọ́ fún ọ̀wọ́ kan tó ní iye pàtó bí egungun mẹ́jọ yìí, ìbòjú gbogbo rẹ̀ ni.

Kó tó fi pamọ́, ó kọ ọ̀rọ̀ kan sínú àyè tí wọ́n ń pè ní `Header`, èyí tó máa ń yọ lókè káàdì:

```
Right hand, palmar view, fingers up
```

Ìyẹn ni pé ọwọ́ ọ̀tún ni, àtẹ́lẹwọ́ kọjú sí ẹni tó ń wò ó, ìka wà lókè. Tó bá rí báyìí, àtàǹpàkò wà ní ọwọ́ ọ̀tún ẹni tó ń wò ó. Yí ọwọ́ kan náà kí ẹ̀yìn rẹ̀ hàn, àtàǹpàkò bọ́ sí òsì, gbogbo egungun sì pààrọ̀ ìhà. Písífọ́ọ̀mù tilẹ̀ kúrò níbẹ̀, torí iwájú tiraikúítírọ̀mù ló jókòó sí, ní ìhà àtẹ́lẹwọ́. Ẹni tó ń wo ọwọ́ láti ẹ̀yìn kò ní rí i. Tí káàdì kò bá sọ ìhà tí wọ́n ti ń wo ọwọ́, ìbéèrè rẹ̀ kò tíì pé.

Ó tẹ `Add`, káàdì mẹ́jọ sì wọlé lẹ́ẹ̀kan náà láti inú àwòrán kan. Ó fi ohun tí Anki kọ pamọ́ fún ọ̀kan nínú àwọn àpótí náà hàn mí:

```
{{c1::image-occlusion:rect:left=.72:top=.41:width=.18:height=.05:oi=1}}
```

Àwòrán kò yí padà rárá, kò sẹ́ni tó kun nǹkan lé e. Ibi tí àpótí wà nìkan ni wọ́n kọ: ó fi ìdá 72 nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ àwòrán jìnnà sí etí òsì, ó sì fi ìdá 41 nínú ọgọ́rùn-ún gíga rẹ̀ jìnnà sí òkè. `oi=1` ló sọ fún Anki pé kó bo àwọn yòókù náà. Ìdí nìyí tó fi gé àwòrán kó tó fi àpótí lé e. Ká ní ó fi àwòrán tó gé lọ́nà mìíràn rọ́pò èyí lẹ́yìn náà, àwọn ìdá yẹn kò ní yí padà, àpótí á sì bọ́ sórí egungun, orúkọ á wà ní gbangba.

Ibi tí a ti ń sọ̀rọ̀ yìí ni àbúrò bàbá rẹ̀ wọlé láti ibi iṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ kan ní Ọ̀tà ló ń bá ṣiṣẹ́, ó sì ṣì wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Ọmọ náà kúnlẹ̀ kí i.

"Àǹkù, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi lọ́wọ́ yín."

"Ọwọ́ ọ̀tún tàbí tòsì? Kí lo tún fẹ́ fi ṣe?"

"Ọ̀tún, sà. Ẹ na àtàǹpàkò yẹn sókè, kí ẹ fà á sẹ́yìn bí ẹni tó fẹ́ já a kúrò lára ìka yòókù."

Ọkùnrin náà ṣe bẹ́ẹ̀. Tẹ́ńdọ̀nì méjì yọ ní ìdí àtàǹpàkò, kòtò kékeré kan sì là sáàárín wọn. Ọmọ náà fi ìka tẹ ìsàlẹ̀ kòtò náà.

"Sìkáfọ́ìdì nìyí, Àǹkù. Tí èèyàn bá ṣubú tó fi àtẹ́lẹwọ́ gba ilẹ̀, òun ló sábà máa ń ṣẹ́ jù nínú mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Tó bá ti ṣẹ́, ibi tí mo tẹ̀ yìí ló máa dun ún."

Àbúrò bàbá rẹ̀ ní òun mọ ẹnì kan tó yọ̀ ṣubú lórí epo níbi iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n ya ọwọ́ rẹ̀ ní ẹ́síréè, wọn ò rí nǹkan kan, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìrora náà kò lọ. Ìgbà tó yá ni ẹ́síréè mìíràn tó fi hàn pé egungun kan ti sán. Kò ya ọmọ náà lẹ́nu. Ó ní sísán sìkáfọ́ìdì lè má hàn lórí ẹ́síréè ọjọ́ àkọ́kọ́, ìdí nìyí tí àwọn dókítà fi máa ń de ọwọ́ náà tí ìrora bá wà nínú kòtò yẹn, kí wọ́n tún yà á lẹ́yìn ọjọ́ 10 sí 14. Púpọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ egungun yìí sì ń gba apá tó sún mọ́ ìka wọlé, kó tó padà sẹ́yìn. Tó bá ṣẹ́ láàárín, apá tó sún mọ́ apá lè má rí ẹ̀jẹ̀ mọ́, kó sì kú sínú ọwọ́.

Ó kọ gbólóhùn méjì nípa èyí sínú àyè `Back Extra`, èyí tí kì í hàn títí akẹ́kọ̀ọ́ á fi dáhùn. Mo ní kí ló dé tí kò sọ ọ́ di ìbéèrè. Ó ní káàdì alọ́rọ̀ lásán ló máa ṣe fún ìyẹn lọ́tọ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni káàdì oníbòjú gbọ́dọ̀ ní, ìyẹn ni orúkọ ohun tí ilà náà dé. Tí a bá fi ìbéèrè méjì sórí káàdì kan, tí akẹ́kọ̀ọ́ mọ ọ̀kan tó gbàgbé èkejì, kò sí bọ́tìnì tó lè tẹ̀ tó máa jẹ́ òótọ́.

Ọ̀rọ̀ bọ́tìnì yìí ló kàn. Iná ti lọ nígbà náà, jẹnẹrétọ̀ àwọn ará ilé kejì sì ti gbé ohùn sókè. Ó ti fi káàdì náà ránṣẹ́ sórí AnkiDroid nínú fóònù rẹ̀. Ìgbà yẹn nìkan ló nílò dátà, torí àwòrán ti wà nínú fóònù báyìí. Ó fẹ̀yìn ti àga, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn. Àpótí pupa yọ lórí orúkọ egungun tó wà láàárín ẹsẹ̀ tó sún mọ́ apá. "Lúnéètì." Ó ṣí i, ó gbà á, ó tẹ `Good`. Òmíràn yọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí àtàǹpàkò. Ó dúró díẹ̀. "Tirapísíọ̀mù." Ó ṣí i: tirápísọ́ìdì ni. Ó tẹ `Again`, Anki sì tún gbé e wá fún un láìpẹ́.

Ó ní ọ̀pọ̀ ọ̀rẹ́ òun ló máa ń tẹ `Hard` nírú ìgbà yẹn, wọ́n á ní ṣebí àwọn sún mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n lójú Anki, ẹni tó tẹ `Hard` ti rántí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó nira. Anki á sì sún ọjọ́ ìpàdé tó kàn síwájú. Ẹni tó ṣi egungun méjì yìí fún ara wọn kò rántí. `Again` ni tirẹ̀.

Ó tún máa ń tan ìtò kan nínú ètò káàdì rẹ̀, `Bury new siblings`. Èyí kì í jẹ́ kí káàdì tuntun tó ti inú àwòrán kan náà wá tẹ̀ léra lọ́jọ́ kan. Ọ̀kan á yọ lónìí, àwọn yòókù á dúró di ọjọ́ mìíràn. Káàdì mẹ́jọ á wá gba ọjọ́ mẹ́jọ kí gbogbo rẹ̀ tó wọlé, ìyẹn sì lè ṣòro fún ẹni tí ìdánwò rẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀. Ní ọ̀sán yìí, ó pa á kí n lè rí mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Mo sì rí ìdí tó fi yẹ kó wà ní títàn: nígbà tó fi dé káàdì kẹfà, kò wo egungun gan-an mọ́, ó kàn ń rántí àwọn tí wọn ò tíì béèrè.

Lẹ́yìn náà ló wá fi ohun tó jẹ́ kó tún iṣẹ́ yìí ṣe hàn mí. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tó máa ṣe káàdì ọrùn-ọwọ́ nìyí. Àwọn ti àtijọ́ ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, láti inú àwòrán kan náà, láìsí ọ̀rọ̀ kankan lókè wọn. Ó ti dáhùn wọn débi pé Anki kì í béèrè wọn mọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín oṣù kan. Lójú Anki, ó ti mọ̀ wọ́n tán.

Ó ṣí fíìmù ẹ́síréè kan tí kò ní orúkọ kankan lára, tí àtàǹpàkò wà ní òsì. Ó fi ìwé tó kọ nígbà tó kọ́kọ́ dán ara rẹ̀ wò lórí rẹ̀ hàn mí. Ibi tí háméètì wà, tirapísíọ̀mù ló kọ. Ibi tí tirapísíọ̀mù wà, háméètì. Kápítéètì àti tirápísọ́ìdì ti gba ipò ara wọn, sìkáfọ́ìdì àti tiraikúítírọ̀mù bákan náà. Lúnéètì nìkan ló gbà, torí àárín ni tirẹ̀ wà, ibi yòówù kí àtàǹpàkò yí sí. Písífọ́ọ̀mù, kò rí i rárá: lórí fíìmù tí wọ́n yà báyìí, ó bọ́ sórí tiraikúítírọ̀mù, òjìji ọ̀kan sì wọ inú ti èkejì.

Ẹni tó ka àṣìṣe yìí dáadáa á rí i pé àṣìṣe kan ṣoṣo ni. Ẹni tí kò mọ egungun á ṣi wọ́n pè káàkiri láìní ètò. Ti ọmọ yìí ní ètò: òsì àti ọ̀tún ló ṣì mú. Kò kọ́ pé tirapísíọ̀mù ni egungun tó gbé àtàǹpàkò ró. Ohun tó kọ́ ni pé tirapísíọ̀mù ni àpótí tó wà lápá ọ̀tún lókè. Àwòrán kan ṣoṣo tó ń wò lójoojúmọ́ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, Anki kò sì ní ọ̀nà tó lè fi mọ̀.

Nítorí náà, ó mú fíìmù náà, ó gé e, ó sì ṣe ọ̀wọ́ káàdì kejì lórí rẹ̀. Kò sí orúkọ tó máa bò níbẹ̀. Ó kọ́kọ́ fa ilà kan jáde láti ara egungun kọ̀ọ̀kan, ó tẹ orúkọ sí òpin ilà, ó sì gbé àpótí lé e bíi ti àkọ́kọ́. Lókè, ó kọ ọwọ́ tó jẹ́ àti ìhà tí àtàǹpàkò wà. Fún háméètì, ó fi kún un lẹ́yìn pé ìkọ́ tó wà lára egungun náà máa ń yọ bí òrùka kékeré lórí fíìmù, torí orí ìkọ́ náà ni ìtànṣán dojú kọ. Àwọn káàdì àtijọ́ yẹn, ó pa gbogbo wọn rẹ́.

Ó fi iṣẹ́ kan kún un kó tó pa kọ̀ǹpútà. Síláìdì tó kàn fi ọrùn-ọwọ́ hàn bí ẹni pé wọ́n gé e lábọ̀ọ́bọ̀, kí ihò tí tẹ́ńdọ̀nì ń gbà kọjá sí ìka lè hàn. Tẹ́ńdọ̀nì mẹ́sàn-án ló gba inú ihò yìí: mẹ́rin tó ń tẹ àárín ìka, mẹ́rin tó ń tẹ orí ìka, àti ọ̀kan fún àtàǹpàkò. Náàfù mídíánì bá wọn gba ibẹ̀, òun sì ni wọ́n ń fún mọ́ra nígbà tí ọwọ́ èèyàn bá ń kú lóru. Mo rò pé yóò ṣe káàdì mẹ́wàá. Mẹ́rin ló ṣe. Ó yan àpótí mẹ́rin ti tẹ́ńdọ̀nì àkọ́kọ́ pa pọ̀, ó sì so wọ́n di ọ̀kan kí wọ́n lè jẹ́ ìbéèrè kan. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún mẹ́rin kejì. Tẹ́ńdọ̀nì àtàǹpàkò gba káàdì tirẹ̀, náàfù gba tirẹ̀. Orúkọ kan náà ni tẹ́ńdọ̀nì mẹ́rin yẹn ń jẹ́. Béèrè wọn lẹ́ẹ̀mẹrin kò ní kọ́ ọ ní nǹkan mẹ́rin.

Mo bi í ní ìgbà tó máa mọ̀ pé òun ti mọ ọrùn-ọwọ́. Kò dárúkọ iye ọjọ́, kò sì dárúkọ máàkì inú Anki. Ó ní òun ti fi fíìmù kan pamọ́ sínú fóònù, ti ọwọ́ òsì, tí òun kò ní fi àpótí kankan lé, tí òun kò sì ní wò títí di ọ̀sẹ̀ tí wọ́n máa wọlé padà. Ìwé àti bírò lòun máa fi dáhùn ìyẹn. Egungun tí òun bá ṣì ṣì mú níbẹ̀, àwòrán mìíràn lòun máa wá fún un; òun kò ní padà sórí èyí tí òun ti mọ̀ láti orí.